Àmì Ibi-a-dé: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Kó Àkọsílẹ̀ Tuntun Láì Tún Ti Àtijọ́ Kó

Àmì ibi-a-dé ni nọ́ńbà tàbí àkókò kan ṣoṣo tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń fi pamọ́ nígbà tó bá parí iṣẹ́, kó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá padà wá. Àwọn ètò tó nílò rẹ̀ ni àwọn tí a dá àkókò fún, tí wọ́n ń jí ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn tàbí ní alaalẹ́, tí wọ́n ń lọ wo dátábéèsì kan, tí wọ́n sì ń kó ohun tó wà níbẹ̀ lọ sí dátábéèsì mìíràn. Akọ̀wé tó ń da ìwé kan kọ sínú òmíràn máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó kọ kẹ́yìn kó tó lọ sílé, kó má baà tún un kọ lọ́jọ́ kejì. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni àmì yìí. Ohun tó mú kí iṣẹ́ ètò yìí le ju ti akọ̀wé lọ ni pé ìwé tí akọ̀wé ń dà kọ kì í yí padà mọ́ lókè ìlà. Dátábéèsì kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ lè yọ lókè ìlà lẹ́yìn tí a ti fà á, ẹni tó bá sì gbàgbé èyí yóò máa pàdánù àkọsílẹ̀ láì mọ̀.

A lè fi ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta oògùn, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Òṣogbo àti Àkúrẹ́, ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ẹ̀ka ń fi ohun tí wọ́n tà ránṣẹ́ sí dátábéèsì kan ṣoṣo, oríṣi tí wọ́n ń pè ní PostgreSQL. Tábìlì tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ni `tita`. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, `id`, ó ní iye owó, `iye`, ó sì ní àkókò tí a fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, `updated_at`. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fẹ́ máa rí bí ọjà ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n kò dára kí ìṣirò ńlá tiwọn máa dá káṣíà dúró níwájú oníbàárà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní dátábéèsì kejì fún ìṣirò, tí ètò akódátà kan sì ń gbé àkọsílẹ̀ lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15.

Ká ní ìlà tó wà nínú `tita` jẹ́ 4,000,000, tí 6,000 sì ń kún un lójúmọ́. Ìrìn 96 ni akódátà ń rìn láàárín wákàtí 24. Bó bá ń kó gbogbo tábìlì nígbà kọ̀ọ̀kan, ìlà 384,000,000 ni yóò máa kà lójoojúmọ́ nítorí 6,000 péré tó jẹ́ tuntun. Bó bá mọ ibi tó dé, nǹkan bí ìlà 62 ni ìrìn kọ̀ọ̀kan yóò kó, bí a bá pín in dọ́gba. Ìdí tí àmì fi wà nìyẹn. Bí tábìlì bá kéré, bí i èyí tó ní orúkọ ẹ̀ka mẹ́ta péré, kò sí ìdí láti fi àmì yọ ara ẹni lẹ́nu. Kí a kó gbogbo rẹ̀ ló dára jù.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti yàn ni òpó tí àmì yóò máa wò. `id` ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ènìyàn lọ́kàn, nítorí pé ó ń pọ̀ sí i ni, kì í dín. Bí àmì bá wà ní 4,000,000, akódátà yóò béèrè ìlà tí `id` rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí dára fún àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í tún fọwọ́ kàn mọ́, bí i iye tí mítà kà ní wákàtí kan. Títà oògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà máa ń dá ọjà padà, káṣíà máa ń ṣe àṣìtẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò tún ṣe lọ́jọ́ kejì. Ìlà tí a tún ṣe kò gba `id` tuntun, nítorí náà àmì tó ń wo `id` kò ní rí àtúnṣe náà láéláé. Dátábéèsì ìṣirò yóò ní iye ìlà tó pé, ṣùgbọ́n owó inú rẹ̀ yóò yàtọ̀ sí ti ojúlówó. Irú àṣìṣe yìí ṣòro láti fura sí, nítorí pé ẹni tó bá ka ìlà lásán yóò rò pé gbogbo nǹkan pé.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lo `updated_at`. Ìbéèrè tí akódátà máa ń bi dátábéèsì kò gùn:

```sql
SELECT id, iye, updated_at
FROM tita
WHERE updated_at > '2025-03-10 10:00:00+01'
ORDER BY updated_at, id;
```

Àkókò tó wà nínú ìbéèrè yìí ni àmì tí ìrìn tó kọjá fi sílẹ̀. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ wà kí ìbéèrè náà tó wúlò. Èkíní ni atọ́ka lórí `updated_at`; bí kò bá sí, dátábéèsì yóò ṣì ka gbogbo ìlà 4,000,000 kó tó rí 62 tí a ń wá, èrè tó wà nínú àmì yóò sì dín kù púpọ̀. Èkejì ni pé òpó náà gbọ́dọ̀ máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí ìlà bá yí padà, ẹni yòówù kó yí i. Bí ó bá jẹ́ ètò káṣíà nìkan ló ń rántí láti yí i, ọjọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú dátábéèsì bá fọwọ́ ara rẹ̀ tún iye owó kan ṣe ni àtúnṣe kan máa sọnù. Ohun tó tọ́ ni kí a gbé iṣẹ́ náà lé dátábéèsì lọ́wọ́. Ní PostgreSQL, a máa ń fi òfin kan sórí tábìlì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Ní MySQL, gbólóhùn `ON UPDATE CURRENT_TIMESTAMP` tí a kọ sí ara òpó náà ti tó.

Lẹ́yìn òpó ló kan ibi tí a ti ń mú àmì. Àwọn kan máa ń wo agogo kọ̀ǹpútà tí akódátà wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì kọ àkókò tí iṣẹ́ parí sílẹ̀ bí àmì. Ẹ wo ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Akódátà bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní 10:15:00, ó parí ní 10:15:40. Títà kan wọlé ní 10:15:20, lẹ́yìn tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí nínú ohun tí a kó. Bí àmì bá di 10:15:40, títà náà ti bọ́ sókè ìlà, kò sẹ́ni tó máa padà wá gbé e. Àmì gbọ́dọ̀ wá láti inú àkọsílẹ̀ tí a kó gan-an: `updated_at` tó ga jù lọ láàárín wọn. Bí ìrìn kan kò bá sì rí nǹkan kan kó, kí àmì dúró síbi tó wà. Ètò mìíràn wà tó jẹ́ pé bí kò bá rí ìlà kankan, yóò kọ òfìfo sí ipò àmì, ìrìn tó tẹ̀lé e yóò sì kó gbogbo tábìlì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ tàbí kó má kó ohunkóhun.

Agogo tún ní ọ̀nà mìíràn tó fi ń dani láàmú. Àkókò Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú àkókò àgbáyé tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò. Bí dátábéèsì bá ń kọ àkókò àgbáyé sílẹ̀, tí akódátà sì ń fi àkókò Nàìjíríà ṣe àmì láìsọ irú àkókò tó jẹ́, àmì yóò máa wà ní wákàtí kan ṣíwájú gbogbo àkọsílẹ̀. Ìrìn kọ̀ọ̀kan yóò béèrè ohun tó dé lẹ́yìn 10:15 nígbà tó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ tó tuntun jù nínú tábìlì ń sọ pé 9:30 ni. Kò ní rí nǹkan kan, yóò tún gbé àmì síwájú, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe títí. Kò ní ké pé nǹkan bàjẹ́. Yóò kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ yọrí, ìlà 0. Ní Bírítéènì ti ìṣòro míì tún wà: lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ọ̀wàrà, agogo 2 òru a padà di agogo 1, wákàtí kan náà a sì wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá wọlé nígbà kejì yóò gbé àkókò tí àmì ti kọjá. Bí òpó náà bá jẹ́ irú tó ń mọ ìyàtọ̀ láàárín àkókò ìlú kan àti òmíràn, `timestamptz` ní PostgreSQL, wàhálà méjèèjì yóò dópin. `+01` tó wà nínú ìbéèrè òkè yìí ló ń sọ pé àkókò Nàìjíríà là ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kàn wá lórí ìgbà tó yẹ kí a sún àmì síwájú. Bí akódátà bá kọ́kọ́ sún àmì, kó tó gbé àkọsílẹ̀ dé ibi tó ń lọ, tí iná wá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láàárín méjèèjì, àmì yóò sọ pé a ti kó ohun tí a kò kó. Bó bá kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ dé, tí iná sì lọ kó tó sún àmì, ìrìn tó kàn yóò tún àwọn kan náà kó lẹ́ẹ̀kejì. Ti àkọ́kọ́ pàdánù, ti èkejì ṣe àsọtúnsọ. Àsọtúnsọ ṣeé tún ṣe, pípàdánù kò ṣeé tún ṣe bí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ni yóò ṣíwájú, àmì ni yóò tẹ̀lé. Ó tún sàn kí àmì wà nínú dátábéèsì ìṣirò fúnra rẹ̀, nínú tábìlì kékeré kan, kí a lè fi òǹtẹ̀ kan ṣoṣo lu àkọsílẹ̀ àti àmì pọ̀. Bí òǹtẹ̀ bá lù ú, méjèèjì dé. Bí kò bá lù ú, kò sí èyí tó dé.

Síbẹ̀ náà, akódátà gbọ́dọ̀ lè gba ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsí ìpalára, nítorí ìdí tí yóò hàn láìpẹ́. Láti ẹ̀dà 9.5 ni PostgreSQL ti ní gbólóhùn fún èyí:

```sql
INSERT INTO tita_isiro (id, iye, updated_at)
VALUES (4000213, 7500, '2025-03-10 10:14:55+01')
ON CONFLICT (id) DO UPDATE
SET iye = EXCLUDED.iye,
    updated_at = EXCLUDED.updated_at
WHERE tita_isiro.updated_at <= EXCLUDED.updated_at;
```

Bí `id` náà kò bá sí níbẹ̀, ìlà tuntun wọlé. Bó bá ti wà, a fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn kò jẹ́ kí ẹ̀dà àtijọ́ bo ti tuntun mọ́lẹ̀. Ibi tí èyí kò ti lè gbà wá ni ibi tí dátábéèsì ìṣirò ti ń ro owó pọ̀ mọ́ àròpọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Náírà 7,500 tó dé lẹ́ẹ̀mejì yóò di 15,000. Kí a máa tún àròpọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe láti inú ìlà rẹ̀ ló bójú mu, kì í ṣe kí a máa fi kún un.

Àkókò kan náà lè wà lára ìlà púpọ̀, èyí sì ń dá ìṣòro sílẹ̀ níbi tí ìlà àmì gan-an wà. Ká ní ọ̀gá kan tún owó ìlà 1,500 ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ní PostgreSQL, `now()` yóò fún gbogbo wọn ní àkókò kan ṣoṣo, títí dé ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Bí akódátà bá ń kó 1,000 ní ẹ̀rù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù àkọ́kọ́ yóò parí láàárín àwọn 1,500 yìí, àmì yóò sì di àkókò tí gbogbo wọn pín. Nígbà tó bá béèrè ohun tó *ju* àmì lọ, 500 tó kù kò ní sí nínú rẹ̀. Bó bá sì yí ìbéèrè padà sí ohun tó *tó* àmì tàbí tó jù ú lọ, 1,000 àkọ́kọ́ náà ni yóò tún máa gbé, kò sì ní kúrò lójú kan láéláé. Ohun tó tú u sílẹ̀ ni kí àmì ní apá méjì, àkókò àti `id` pọ̀:

```sql
WHERE (updated_at, id) >
      ('2025-03-10 10:14:55+01', 4000213)
ORDER BY updated_at, id
LIMIT 1000;
```

Kò sí ìlà méjì tó lè ní àkókò àti `id` kan náà, nítorí náà akódátà yóò mọ ẹni tó kàn pàtó. Ẹni tó bá ń fi èdè mìíràn kọ akódátà ní láti ṣọ́ra níbí o. Irú àkókò tí a sábà máa ń lò nínú àwọn èdè kan, JavaScript fún àpẹẹrẹ, kì í kọjá ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí àmì bá gba irú èdè bẹ́ẹ̀ kọjá, ìdí rẹ̀ yóò gé kúrò, kò sì ní bá èyí tó wà nínú tábìlì dọ́gba mọ́. Kí a gbé àmì bí ọ̀rọ̀ lásán, láìsọ ọ́ di àkókò èdè náà, ni kò ní jẹ́ kí ó gé.

Gbogbo èyí ṣì dúró lórí ohun kan tí kì í ṣe òótọ́: pé àkọsílẹ̀ ń yọjú ní ìtò-tò-ìtò bí àkókò tó gbé lára. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akódátà tó dà bí ẹni pé ó pé ti ń jò. Dátábéèsì máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdì-ìdì. Ètò káṣíà yóò ṣí ìdì iṣẹ́, yóò kọ ìlà kan tàbí púpọ̀ sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi òǹtẹ̀ lù ú. Kí òǹtẹ̀ tó lù ú, ẹnikẹ́ni mìíràn kò lè rí ìlà náà. Àkókò tí `now()` ń kọ sílẹ̀ ní PostgreSQL sì jẹ́ àkókò tí ìdì *ṣí*, kì í ṣe àkókò tí òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ní 10:14:40, ètò káṣíà ní Àkúrẹ́ ṣí ìdì kan fún ilé ìwòsàn tó ra oríṣiríṣi oògùn. Ìlà rẹ̀ gba 10:14:40. Kí ó tó parí, ó ní láti yọ oògùn kọ̀ọ̀kan kúrò nínú iye tó wà ní ṣẹ́ẹ̀fù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń fà. Ní 10:14:55, káṣíà ní Òṣogbo ta oògùn ibà kan. Òǹtẹ̀ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ní 10:15:00, akódátà dé. Ó rí ti Òṣogbo, kò rí ti Àkúrẹ́ nítorí pé òǹtẹ̀ kò tíì lù ú. Ó kó ti Òṣogbo, ó fi 10:14:55 ṣe àmì, ó lọ. Ní 10:15:06, òǹtẹ̀ lu ti Àkúrẹ́, ó wá hàn sí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n 10:14:40 ló wà lára rẹ̀. Ní 10:30:00, akódátà padà dé, ó béèrè ohun tó ju 10:14:55 lọ. Ọjà ilé ìwòsàn náà ti wà lókè ìlà. Títí ayé ni dátábéèsì ìṣirò kò fi ní ní i, àyàfi tí ẹnì kan bá tún ìlà náà fọwọ́ kàn.

Kò sí àṣìṣe nínú ètò káṣíà, kò sì sí nínú ìbéèrè akódátà. Ìlà kan tàbí méjì ló máa ń bá a lọ lójúmọ́, ní àkókò tí ọjà bá gbóná, èyí tó ń mú kí àwọn ènìyàn máa sọ pé kọ̀ǹpútà kàn ń ṣe wèrè ni. Pípadà sí `id` kò gbà wá nínú èyí. Nọ́ńbà náà ni a máa ń pín kí òǹtẹ̀ tó lu ìdì, nítorí náà 4,000,212 lè yọjú lẹ́yìn 4,000,213. Bí a sì bá fagi lé ìdì kan, nọ́ńbà tó ti gbà kì í padà wá, tó fi jẹ́ pé àlàfo láàárín nọ́ńbà kò tó láti fi mọ̀ pé nǹkan sọnù.

Ìwòsàn tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìrìn kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀:

```sql
WHERE updated_at > TIMESTAMPTZ '2025-03-10 10:14:55+01'
                   - INTERVAL '10 minutes'
```

Àmì ṣì jẹ́ 10:14:55, ṣùgbọ́n láti 10:04:55 ni akódátà yóò ti máa kó. Ní 10:30, yóò tún gbé ti Òṣogbo, èyí tí `ON CONFLICT` yóò gbà láìjà, yóò sì bá ti Àkúrẹ́ pàdé. Ohun tí a san fún un kò pọ̀: ìlà mélòó kan tí a tún kó. Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ ká padà sẹ́yìn? Ó gbọ́dọ̀ ju ìdì iṣẹ́ tó pẹ́ jù lọ. Bí ètò kan bá wà tó ń tún owó gbogbo ọjà ṣe lálẹ́, tó sì ń gba ìṣẹ́jú 25, ìṣẹ́jú 10 kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú lè wo `xact_start` nínú `pg_stat_activity`, níbi tí PostgreSQL ti ń fi ìgbà tí ìdì kọ̀ọ̀kan ṣí hàn, kó sì máa kọ èyí tó pẹ́ jù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó dá iye lé e.

Ọ̀nà tó mọ́ jù wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Dípò kí a padà sẹ́yìn, a lè kọ̀ láti kọjá ibi tí ìdì tó ṣì ṣí sílẹ̀ wà. SQL Server ní òpó kan tó ń jẹ́ `rowversion`, tí dátábéèsì ń yí nọ́ńbà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ní `MIN_ACTIVE_ROWVERSION()` tó ń sọ nọ́ńbà tó kéré jù lára àwọn tí òǹtẹ̀ kò tíì lù. Akódátà tó bá dúró sí ìsàlẹ̀ nọ́ńbà náà kò ní fo ẹnikẹ́ni. Ní PostgreSQL, láti ẹ̀dà 13, `pg_snapshot_xmin(pg_current_snapshot())` ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà ìdì, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ti tọ́jú nọ́ńbà ìdì sínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ìdì kan ṣoṣo tí ẹnì kan ṣí tó sì gbàgbé lè dá gbogbo akódátà dúró fún wákàtí púpọ̀. Fún ilé-iṣẹ́ tó tó irú èyí, pípadà sẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó.

Ẹ̀ka tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ti já máa ń dá irú ìṣòro kan náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú. Káṣíà Òṣogbo á máa tà lọ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì fún wákàtí mẹ́ta, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé ni gbogbo rẹ̀ yóò tó wọlé. Bó bá jẹ́ agogo tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń kọ `updated_at`, gbogbo títà wákàtí mẹ́ta náà ti bọ́ sókè ìlà kó tó dé, pípadà sẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 kò sì ní rí i. Èyí tó tún burú ni tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọjọ́ rẹ̀ yí sí 2035: ìlà kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò gbé àmì lọ sí 2035, akódátà kò sì ní rí ohun tuntun kankan mọ́. Òpó méjì ló yẹ kó wà. `ojo_tita` ni ọjọ́ tí ọjà tà, èyí tí tábúlẹ́ẹ̀tì lè kọ. `updated_at` ni ìgbà tí dátábéèsì gbà á, dátábéèsì nìkan ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Èkejì ni àmì ń wò. Kí akódátà sì kọ àmì èyíkéyìí tó bá ju àkókò tí a wà lọ.

Ìlà tí a pa rẹ́ ni àmì kò lè rí rárá. Ohun tí kò sí mọ́ kò ní `updated_at`, kò sì sí ìbéèrè tó lè gbé e. Bí wọ́n bá pa títà kan rẹ́ nínú `tita`, yóò wà nínú dátábéèsì ìṣirò títí. Nítorí náà, kí a má máa pa ìlà rẹ́. Kí a fi òpó `deleted_at` kún un, kí a kọ ìgbà tí a fagi lé e síbẹ̀. Fífagi lé e yóò wá di àtúnṣe bí àtúnṣe mìíràn, àmì yóò sì rí i. Níbi tí a kò bá ti lè yí tábìlì náà padà, àfi kí a máa fi gbogbo `id` ìhà méjèèjì wéra lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ìrìn méjì kò sì gbọ́dọ̀ pàdé. Bí ti 10:15 bá pẹ́ kọjá 10:30, ti 10:30 yóò bẹ̀rẹ̀ láti àmì àtijọ́, èyí tó bá sì parí kẹ́yìn lè dá àmì padà sẹ́yìn. `pg_try_advisory_lock` ní PostgreSQL ń jẹ́ kí ìrìn kejì mọ̀ pé ìkíní ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kó sì padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé akódátà ń jò kò sí nínú ohun tó ń sọ nípa ara rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìjò tí a ti ṣàlàyé yìí ló ń parí pẹ̀lú "iṣẹ́ yọrí". Ìhà méjèèjì la ní láti fi wéra. Lálẹ́, nígbà tí káṣíà ti tilẹ̀kùn, kí a bi ibi tí àkọsílẹ̀ ti wá àti ibi tó lọ ní ìbéèrè kan náà:

```sql
SELECT ojo_tita, COUNT(*), SUM(iye)
FROM tita
GROUP BY ojo_tita
ORDER BY ojo_tita DESC
LIMIT 7;
```

Bí iye ìlà bá dín ní ìhà ìṣirò, ìdì tó pẹ́ kí òǹtẹ̀ tó lù ú tàbí ẹ̀ka tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ já ni ká kọ́kọ́ fura sí. Bí iye ìlà bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí owó yàtọ̀, àtúnṣe kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò yí `updated_at` padà. Bí ìlà bá pọ̀ jù ní ìhà ìṣirò, wọ́n ti pa nǹkan rẹ́ níbi tó ti wá. Bí gbogbo nǹkan bá sì dúró láti wákàtí kan pàtó, kí a lọ wo àmì fúnra rẹ̀: yálà ó ti lọ sí iwájú àkókò tí a wà, tàbí ó ti di òfìfo. Ọjọ́ tí kò bá dọ́gba, a kì í wá ìlà tó sọnù lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó dá àmì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ náà, a ó sì jẹ́ kí akódátà tún un kó. Bó bá jẹ́ pé `updated_at` kò yí padà ló fà á, tàbí pé wọ́n pa ìlà rẹ́, `ojo_tita` la ó fi tún ọjọ́ yẹn kó pátápátá, nítorí pé àmì kò lè rí ohun tí kò gbé àkókò tuntun lára.